Kùránì, Súnà, Ìjímáà àti Kíyáásì: Èwo La Ó Gbé Ẹjọ́ Owó Mínǹtì Lọ Bá?

Ẹnì kan ń ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó fẹ́ owó tuntun, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní mínǹtì, kó lè rí nǹkan ná fún onílù àti olórin. Báńkì ní owó tuntun ti tán. Nígbà tó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn àpèjẹ, ó bá obìnrin kan tó kó ìdì owó tuntun sínú báàgì. Obìnrin náà ní: "Ẹ mú ₦120,000 wá, kí ẹ gba ₦100,000 tuntun." Wọ́n ka owó fún ara wọn lójú ẹsẹ̀, kò sí gbèsè láàárín wọn, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣé Ṣàríà gba káràkátà yìí láyè?

Bí a bá bi kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fíkíhù, ìyẹn ìmọ̀ òfin Ṣàríà, ní ìbéèrè yìí, ìdáhùn kì í pẹ́ jáde: "Èlé ni, kò tọ́." Iṣẹ́ gan-an wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá. Ẹnì kan á ní Kùránì ló kọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn á ní hádíìsì ni. Ẹnì kẹta á ní gbogbo onímímọ̀ ló ti fohùn ṣọ̀kan lé e lórí. Ẹnì kẹrin á ní owó ló dà bíi wúrà. Orísun òfin mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ yẹn: Kùránì; Súnà, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì; Ìjímáà, ìyẹn ìfẹnukò àwọn onímímọ̀; àti Kíyáásì, ìyẹn fífi ohun tuntun wé ohun tí ẹ̀rí ti sọ ìdájọ́ rẹ̀. Ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò dọ́gba rárá. Ẹ jẹ́ ká gbé ìdì owó yìí lọ síwájú orísun kọ̀ọ̀kan, ká wo ohun tí yóò sọ àti ibi tí yóò dákẹ́ sí.

Ohun méjì la ó máa bi orísun kọ̀ọ̀kan, torí pé òun làwọn onímímọ̀ fi ń wọn ẹ̀rí. Àkọ́kọ́: ṣé ó dájú pé ẹ̀rí náà dé ọwọ́ wa bó ṣe jáde? Èkejì: ṣé ó dájú pé ohun tí a ní ó ń sọ ló ń sọ? Ẹ̀rí tó bá dájú ní ìhà kan ni wọ́n ń pè ní kátííyù ní ìhà náà. Èyí tó bá ṣì ku ibi tí iyèméjì lè gbà wọlé ni wọ́n ń pè ní sánníyù. Ẹ̀rí kan lè jẹ́ kátííyù ní ìhà àkọ́kọ́, kó jẹ́ sánníyù ní ìhà kejì. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti máa ń ṣìnà jù lọ nìyẹn.

Kùránì: ìdájọ́ wà níbẹ̀, àlàyé rẹ̀ wà níbòmíràn

Súrà Al-Bákárà, áyà 275, sọ ọ́ kedere pé Ọlọ́hun ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, Ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Ní ti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó níláti wádìí ẹni tó gba áyà yìí lọ́wọ́ ẹni, nítorí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló gbà á lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀ láti ìran dé ìran, títí tó fi dé orí wàláà ọmọ kéú. Kátííyù ni.

Ní ti ìtumọ̀, ó dájú pé èèwọ̀ ni èlé. Ṣùgbọ́n irú pàṣípààrọ̀ wo ni èlé yìí gan-an? Èyí tí àwọn Lárúbáwá mọ̀ nígbà tí áyà náà sọ̀kalẹ̀ ni èlé orí gbèsè. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá pé, olówó á bi onígbèsè pé: "Ṣé o máa san án ni, àbí o máa fi kún un?" Bí kò bá rí i san, owó á lé sí i, ọjọ́ á sún síwájú. Èyí náà ló bá ohun tí Súrà Al-Ìmúrán, áyà 130, sọ mu, níbi tí Ọlọ́hun ti kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ láti máa jẹ èlé ní àdìpèlé lórí àdìpèlé.

Ẹ wá wo obìnrin tó ń ta mínǹtì yìí. Kò yá ẹnikẹ́ni lówó, kò sì dá ọjọ́ fún ẹnì kankan. Bí a bá ka áyà 275 fún un, ó lè dá wa lóhùn pé: "Ọlọ́hun náà ló ṣe òwò ní ẹ̀tọ́, òwò sì ni mò ń ṣe." Áyà yẹn nìkan kò tó láti fi já irọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé áyà náà bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ní òwò àti èlé kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n kò to pàṣípààrọ̀ tó jẹ́ òwò àti èyí tó jẹ́ èlé sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa.

Kùránì kì í ṣe báyìí nínú gbogbo ọ̀rọ̀. Nínú Súrà An-Nísáì, áyà 11, tó sọ pé ìpín ọmọkùnrin kan tó ìpín ọmọbìnrin méjì, iye ni Ọlọ́hun sọ, iye kò sì ṣeé túmọ̀ sí nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ń pín ogún ọmọ lè dúró sórí áyà yẹn kó sì parí ìṣirò rẹ̀. Lórí èlé, ìdájọ́ ni Kùránì fi lélẹ̀, ó sì fi àlàyé ààlà rẹ̀ sílẹ̀ fún Ànábì.

Súnà: ohun mẹ́fà àti dàbínù Bílálì

Ubáádà ọmọ Sámítì ló gba ọ̀rọ̀ yìí wá láti ẹnu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), Imáámù Múslímù sì kó o sínú àkójọ rẹ̀. Wúrà fún wúrà, fàdákà fún fàdákà, àlìkámà fún àlìkámà, ọkà báálì fún ọkà báálì, dàbínù fún dàbínù, iyọ̀ fún iyọ̀: kí ó jẹ́ irú kan náà, kí ó dọ́gba, kí ó sì jẹ́ lọ́wọ́-lọ́wọ́. Bí irú wọn bá yàtọ̀, ẹ tà á bó ṣe wù yín, bó bá ti jẹ́ lọ́wọ́-lọ́wọ́.

Ohun méjì tí a kò rí nínú áyà la rí níbí. Ọ̀kan ni pé èlé lè wọ inú òwò tí kò sí gbèsè nínú rẹ̀. Bí irú kan náà bá pàdé irú rẹ̀, tí ọ̀kan sì pọ̀ ju èkejì lọ, èlé ni, bí wọ́n tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ara wọn lójú ẹsẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní ríbà fádílì, èlé àlékún. Èkejì ni pé bí irú bá yàtọ̀, àlékún kò léèwọ̀ mọ́, ìdádúró ló kù tó léèwọ̀. Èlé ìdádúró yìí ni ríbà nàsíà.

Hádíìsì tó tún sún mọ́ ìdì owó wa jù lọ ni ti Bílálì, tí Abú Sàídì Al-Kúdírì gbà wá, tí Bùhárí àti Múslímù sì kọ sílẹ̀. Bílálì gbé dàbínù tó dára kan, tí wọ́n ń pè ní báríníì, wá bá Ànábì. Ànábì bi í níbo ló ti rí i. Bílálì dáhùn pé dàbínù kan tí kò dára wà lọ́wọ́ àwọn, òun wá fi òṣùwọ̀n sáà méjì rẹ̀ gba sáà kan èyí tó dára yìí, kí Ànábì lè rí i jẹ. Ànábì kẹ́dùn, ó ní èlé gan-an nìyẹn, kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá fi ọ̀nà hàn án pé bó bá fẹ́ ra èyí tó dára, kó kọ́kọ́ ta tọwọ́ rẹ̀ fún nǹkan mìíràn, kó wá fi ohun tó rí níbẹ̀ ra èyí tó fẹ́.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ìtàn yìí, nítorí ó já ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí àwọn èèyàn máa ń gbà sá. Kò sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ, nítorí sáà méjì èyí tí kò dára lè tó sáà kan èyí tó dára lójú ọjà. Kò sí èrò ibi, torí Ànábì gan-an ni Bílálì fẹ́ fún jẹ. Kò sì sí gbèsè. Síbẹ̀, èlé ni Ànábì pè é. Nítorí náà, bí ohun kan bá dára ju èkejì lọ, tí wọ́n sì jẹ́ irú kan náà, dídára yẹn kò ní ká fi iye lé e.

Ìbéèrè méjèèjì náà kan Súnà. Ṣé ó dájú pé ó dé ọ̀dọ̀ wa? Níbí ni Súnà ti yàtọ̀ sí Kùránì. Ìwọ̀nba hádíìsì díẹ̀ ló jẹ́ mútáwátírì, èyí tí ogunlọ́gọ̀ gbà lọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ jẹ́ áhádì, tí ẹnì kan tàbí èèyàn mélòó kan gbà wá. Ìdí rèé tí a fi gbọ́dọ̀ bèèrè sánádì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀wọ̀n àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ká mọ̀ bóyá ẹ̀wọ̀n náà já níbì kan, bóyá olóòótọ́ tí orí wọn sì pé ni wọ́n. Hádíìsì Ubáádà àti ti Bílálì yege nínú àyẹ̀wò yìí.

Ní ti ìtumọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó tún lè hàn ju ti Ubáádà lọ lórí ohun mẹ́fà yẹn. Ṣùgbọ́n náírà kò sí lára mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìrẹsì, àgbàdo àti gàrí.

Ẹni tó bá mú hádíìsì kan ṣoṣo dání tó sì rò pé òun ti gba Súnà tán tún lè ṣubú síbòmíràn. Úsámà ọmọ Sáídì gba hádíìsì kan wá pé kò sí èlé àyàfi nínú ìdádúró. Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ òun nìkan la gbọ́, obìnrin olówó mínǹtì ti jàre, torí lọ́wọ́-lọ́wọ́ ló ta tirẹ̀. Lára bí àwọn onímímọ̀ ṣe so ó pọ̀ mọ́ ti Ubáádà ni pé àwọn kan ní orí ohun tí irú wọn yàtọ̀ ni Úsámà gbọ́ ọ lé, àwọn mìíràn sì ní èlé tó burú jù lọ ni hádíìsì náà ń tọ́ka sí. Kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ báyìí, awuyewuye ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn sàábé fúnra wọn. Awuyewuye yẹn ló gbé wa dé orísun kẹta.

Ìjímáà: ó ń ti ilẹ̀kùn, kì í kọ́ ilé

Ibn Abbáásì, tí kò sẹ́ni tí kò mọ ipò rẹ̀ nínú ìmọ̀ Kùránì, tẹ̀ lé hádíìsì Úsámà. Fátúwà tó ń fún àwọn èèyàn ni pé àlékún lọ́wọ́-lọ́wọ́ kì í ṣe èlé. Abú Sàídì Al-Kúdírì lọ bá a, ó sì bi í bóyá ẹnu Ànábì ló ti gbọ́ ọ tàbí inú Kùránì ló ti rí i. Ibn Abbáásì jẹ́wọ́ pé òun kò gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì fúnra òun, Úsámà ló sọ ọ́ fún òun. Àwọn onímímọ̀ gbà á wá pé ó padà lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn náà. Lẹ́yìn ìran yẹn, àwọn onímímọ̀ ìlú gbogbo fẹnu kò pé àlékún nínú ohun mẹ́fà náà, bí irú wọn bá jẹ́ ọ̀kan, èèwọ̀ ni.

Ohun tí Ìjímáà ń ṣe hàn níbí dáadáa. Ìjímáà ni kí gbogbo àwọn onímímọ̀ tó kúnjú ìwọ̀n ìjítíhádì, ìyẹn fífi làákàyè wá ìdájọ́ jáde látinú ẹ̀rí, nínú ìjọ Ànábì Muhammad, ní àkókò kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, fẹnu kò lórí ìdájọ́ kan nínú Ṣàríà. Òun kọ́ ló bí ìdájọ́ náà. Hádíìsì Ubáádà ti wà kó tó dé, ẹ̀rí tí wọ́n sì gbé ìfẹnukò wọn lé gbọ́dọ̀ wà, yálà áyà ni, hádíìsì ni tàbí kíyáásì. Ohun tó fi kún un ni ìdánilójú. Hádíìsì áhádì tí ẹnì kan ì bá ṣì máa wá ìtumọ̀ mìíràn fún ti di èyí tí kò sí àyè àríyànjiyàn nínú rẹ̀ mọ́. Ìdí tún nìyí tí kò fi sí ìjímáà nígbà ayé Ànábì, nítorí bó bá ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tí ìfẹnukò rẹ̀ tún ń ṣiṣẹ́.

Ìṣòro Ìjímáà wà ní ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé ó tilẹ̀ ṣẹlẹ̀? Ta ló lè sọ pé òun mọ èrò gbogbo mújítáhídì, ìyẹn àwọn onímímọ̀ tó ń ṣe ìjítíhádì, láti Kúfà dé Ándálúsì lórí ọ̀rọ̀ kan? Imáámù Áhúmádù ọmọ Hámbálì sọ ọ̀rọ̀ líle lórí èyí pé ẹni tó bá sọ pé ìjímáà wà ti purọ́, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn èèyàn ti yapa. Kó kàn ní òun kò mọ ẹni tó yapa. Bí mo bá gbọ́ lórí àga wáàsí pé "gbogbo àáfà ló ti fohùn ṣọ̀kan," ohun mẹ́ta ni mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè: ta ló gba ìròyìn ìfẹnukò náà wá, ìgbà ayé àwọn wo ni, orí gbólóhùn wo gan-an sì ni wọ́n fẹnu kò lé? Ìbéèrè kẹta yẹn ló ń já irọ́ púpọ̀. Ìjímáà wà lórí àlìkámà. Kò sí lórí ìrẹsì. Ẹni tó bá ní ó wà lórí ìrẹsì ti na ìfẹnukò kọjá ibi tó mọ.

Lórí owó bébà ńkọ́? Ní 1986, ìgbìmọ̀ fíkíhù àgbáyé tó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí pàdé ní Ammánì, ní ilẹ̀ Jọ́dánì, wọ́n sì pinnu pé owó bébà jẹ́ owó ní kíkún, pé ìdájọ́ wúrà àti fàdákà lórí èlé àti sàká ló ń bá a rìn. Ìpinnu tó lágbára ni. Síbẹ̀, ìjítíhádì tí àwọn onímímọ̀ para pọ̀ ṣe ni, kò dé ipò ìjímáà, torí ìgbìmọ̀ kan, bó ti wù kó tóbi tó, kì í ṣe gbogbo mújítáhídì ayé. Nítorí náà, ìjímáà ti ilẹ̀kùn mọ́ wúrà àti dàbínù, ó sì fi owó mínǹtì sílẹ̀ lóde.

Àwa tí a ń tẹ̀ lé mádíhábù, ìyẹn ọ̀nà fíkíhù, ti Málíkì ní ilẹ̀ Yorùbá yóò tún bá ohun kan pàdé tó jọ Ìjímáà: ìṣe àwọn ará Mẹ̀dínà. Imáámù Málíkì kà á sí ẹ̀rí, torí ìran kan gbà á lọ́wọ́ ìran kejì láti ìgbà ayé Ànábì. Àwọn imáámù yòókù kò gbà pé ìlú kan ṣoṣo lè dúró fún gbogbo ìjọ. Ẹ má jẹ́ kí méjèèjì dàrú mọ́ra yín lójú.

Kíyáásì: ibi tí náírà ti wọlé

Àfi kíyáásì ló kù tó lè fọwọ́ kan náírà. Òpó mẹ́rin ló gbé e ró. Ohun tí ẹ̀rí ti sọ ìdájọ́ rẹ̀ ni ásìlì, ìpìlẹ̀. Ohun tuntun tí a ń wá ìdájọ́ fún ni fáríù, ẹ̀ka. Ìdájọ́ ìpìlẹ̀ náà ni húkúmù. Ìdí tó fa ìdájọ́ náà ni ílà. Nínú ẹjọ́ tiwa, wúrà àti fàdákà ni ìpìlẹ̀, náírà ni ẹ̀ka, ìdájọ́ ni pé àlékún lórí irú kan náà léèwọ̀. Mẹ́ta yìí rọrùn. Ílà ni gbogbo ìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká fi oúnjẹ dán an wò ná, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àwọn mádíhábù ti hàn jù. Kí ló dé tí àlìkámà, ọkà báálì, dàbínù àti iyọ̀ fi wọ inú hádíìsì? Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Málíkì ní torí pé wọ́n jẹ́ oúnjẹ tí ara ń gbé ró, tó sì ṣeé fi pamọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ṣáfíì ní torí pé wọ́n ṣeé jẹ. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Abú Hánífà ní torí pé òṣùwọ̀n tàbí ìwọ̀n la fi ń tà wọ́n. Ẹ wá fi ohun mẹ́ta dán ílà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ẹni tó fi kóńgò ọ̀fadà kan gba kóńgò méjì ìrẹsì òkèèrè: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èlé ni, torí ìrẹsì ń gbé ara ró, a ń jẹ ẹ́, a sì ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Ẹni tó fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan tó rẹwà gba méjì tó ti ń rọ̀: Ṣáfíì ní èlé ni torí ó ṣeé jẹ, Málíkì ní àlékún náà kò léèwọ̀ torí tòmátì tútù kì í ṣe oúnjẹ tí à ń fi pamọ́ fi gbé ẹ̀mí ró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lọ́wọ́-lọ́wọ́ ni kí wọ́n gbà á. Ẹni tó fi tọ́ọ̀nù irin kan gba tọ́ọ̀nù kan àbọ̀: Abú Hánífà ní èlé ni torí a ń wọ̀n ọ́n, Málíkì àti Ṣáfíì ní kò kan irin. Hádíìsì kan náà ni gbogbo wọn mú dání. Ílà ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ílà tí a kàn rò lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé ìdí tí èlé fi léèwọ̀ ni pé ó ń ni tálákà lára. Ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn òfin lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, híkímà sì lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fi ṣe ílà, torí ìnilára kò ṣeé wọ̀n: ohun tó ni ẹnì kan lára lè má ni ẹlòmíràn lára. Ílà gbọ́dọ̀ hàn, kó sì dúró sójú kan. Ẹ padà sórí dàbínù Bílálì, níbi tí kò sẹ́ni tí wọ́n ni lára, tí ìdájọ́ ṣì dé. Bí ílà bá jẹ́ ìnilára, ìdájọ́ náà ì bá má dé.

Ní ti wúrà àti fàdákà, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Abú Hánífà àtijọ́ ní torí pé ìwọ̀n la fi ń tà wọ́n. Bí a bá dúró níbẹ̀, bébà náírà kò wọlé, torí a kì í wọn owó bébà, kíkà ni à ń kà á. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ṣáfíì ní torí pé òun ni iye ọjà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn so ìdí náà mọ́ wúrà àti fàdákà nìkan, débi pé wọn kò ka owó bàbà sí. Imáámù Málíkì ló sọ ọ̀rọ̀ tó ṣí ọ̀nà gbòòrò jù. Wọ́n gbà á wá lẹ́nu rẹ̀ pé bí àwọn èèyàn bá gba awọ ẹran láàárín ara wọn títí tó fi di owó tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, òun yóò kórìíra kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ wúrà àti fàdákà ní àwìn. Ohun tó wò ni iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe lọ́jà. Náírà sì ni a fi ń díye lé ọjà, òun ni à ń gbà fún iṣẹ́, òun ni à ń fi san gbèsè. Ìpìlẹ̀ àti ẹ̀ka pàdé nínú ílà, ìdájọ́ sì kọjá: ₦120,000 fún ₦100,000 jẹ́ àlékún nínú irú kan náà.

Obìnrin náà ṣì ní ohun kan láti sọ, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ. Ó ní kíyáásì wa ní ìdíwọ́, torí owó tuntun àti owó gbígbó kò rí bákan náà. Ẹwà mínǹtì lòun ń tà. Irú àtakò yìí ni wọ́n ń pè ní kíyáásì tó ní ìyàtọ̀ nínú, bí ìyàtọ̀ náà bá sì nípa lórí ìdájọ́, kíyáásì wó. Ṣùgbọ́n dàbínù báríníì náà dára ju èkejì lọ, Ànábì kò sì ka dídára yẹn sí. Àtakò náà kò dúró.

Àwọn Sáhíríyà, tí Ibn Hásímù ará Ándálúsì jẹ́ agbẹnusọ wọn tó lókìkí jù, kò gba kíyáásì rárá. Lójú tiwọn, èlé inú òwò kò kọjá ohun mẹ́fà tí Ànábì dárúkọ. Wọ́n ní bí Ọlọ́hun bá fẹ́ fi ìkeje kún un, kò ní gbàgbé. Àwọn tó pọ̀ jù lọ dáhùn pé Ànábì kò sọ pé mẹ́fà yìí nìkan ni. Ohun tí àwọn èèyàn Mẹ̀dínà ń jẹ tí wọ́n sì ń ná ló dárúkọ.

Nígbà tí ẹjọ́ bá dé iwájú yín

Nínú hádíìsì tó gbajúmọ̀ nípa bí Ànábì ṣe rán Múáásì ọmọ Jábálì lọ sí Yẹ́mẹ̀nì, Ànábì bi í ohun tí yóò fi dájọ́. Ó ní Kùránì. Bí kò bá rí i níbẹ̀, Súnà. Bí kò bá rí i níbẹ̀, òun yóò fi làákàyè òun ṣe ìjítíhádì. Àwọn onímọ̀ hádíìsì púpọ̀ ní ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò so pọ̀ dáadáa, àmọ́ àwọn onímọ̀ ìpìlẹ̀ fíkíhù gba ètò inú rẹ̀.

Bí onígbèsè bá ní wọ́n ń gba ₦10,000 lé orí owó tí òun yá torí òun kò tètè san án, ẹ má lọ jìnnà. Áyà 275 tó, èlé tí àwọn Lárúbáwá mọ̀ gan-an nìyẹn. Bí ìyàwó ilé bá kó ẹ̀gbà wúrà àtijọ́ lọ bá onígóòlù, tó sì gba tuntun tó fúyẹ́ jù ú lọ ní pàṣípààrọ̀, áyà kò ní là á yé e. Ẹ lọ sọ́dọ̀ hádíìsì Ubáádà, kí ẹ fi ti Ìjímáà tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì fi ọ̀nà Bílálì hàn án: kó ta àtijọ́, kó gba náírà rẹ̀ sọ́wọ́, kó tó wá ra tuntun. Ti mínǹtì, kíyáásì ni. Ẹ dárúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì to òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 náà kọ̀ kí wọ́n máa ta náírà, ṣùgbọ́n òfin ìjọba ni, kì í ṣe ẹ̀rí fíkíhù.

Dídárúkọ orísun tó tọ́ ní ohun tó ń fà lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé èlé kò léèwọ̀ ti tako áyà tó jẹ́ kátííyù ní ìhà méjèèjì, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lonítọ̀hún dá sílẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ní owó bébà kò wọ inú ìdájọ́ wúrà ti ṣe àṣìṣe lójú àwọn tó pọ̀ jù lọ lónìí, a ó sì bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní kèfèrí, torí kíyáásì ló tako. Àáfà tó bá ní "Kùránì ló sọ pé mínǹtì léèwọ̀" ti da ẹni méjèèjì yìí pọ̀ sójú kan.

Bí ẹni tó ń ṣe ìsọmọlórúkọ wa bá ṣì fẹ́ owó tuntun, ó lè kó ₦100,000 tirẹ̀ fún ẹnì kan kó bá òun lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní báńkì, kó sì san owó iṣẹ́ tí wọ́n ti jọ dá fún wàhálà àti owó ọkọ̀ rẹ̀. Aṣojú tí à ń sanwó iṣẹ́ fún lonítọ̀hún, owó ẹni tó rán an ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ₦100,000 pé ló sì gbọ́dọ̀ gbé padà wá. Bí ẹni yẹn bá ti ní ìdì mínǹtì tirẹ̀ nílẹ̀ kó tó gba iṣẹ́, tó wá kàn pe àlékún ₦20,000 rẹ̀ ní owó ọkọ̀, òwò owó fún owó náà ni, ìdájọ́ dàbínù Bílálì sì ń bá a lọ.